Alágbàfọ̀ Tí Kò Ní Ṣọ́ọ̀bù

Káńtà onígi tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń ka aṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ rìsíìtì, ibẹ̀ náà ni oníbàárà ń dúró sí bó bá wá bèèrè ṣòkòtò rẹ̀ tó ti pẹ́ jù. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń fi aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ kọ́, tí olúkúlùkù fi ń dá tirẹ̀ mọ̀. Bí ọ̀dọ́ kan bá wá sọ pé òun kò lówó ṣọ́ọ̀bù, pé ilé oníbàárà lòun yóò ti máa gba aṣọ, tí òun yóò fọ̀ ọ́ lẹ́yìnkùlé òun, tí òun yóò sì gbé e padà lọ fún un, owó háyà nìkan ló máa ń rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í rántí pé gbogbo iṣẹ́ tí káńtà àti ògiri yẹn ń ṣe ti di tòun.

Iṣẹ́ tó ń wá oníbàárà lọ sílé kì í ṣe tuntun láàárín wa. A mọ àwọn télọ̀ tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé èjìká kiri àdúgbò, tí a ń pè ní Obíọ́mà. A mọ àwọn onígbàjámọ̀ Haúsá tí wọ́n ń gbé àpò abẹ kiri, a sì mọ àwọn tó ń kan bàtà. Lóde òní, àwọn kan ń gbé garawa àti kànìnkànìn lọ fọ mọ́tò nínú ọgbà oníbàárà. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn wọ̀nyí ń parí iṣẹ́ lójú ẹni tó ni nǹkan. Obíọ́mà kì í gbé ṣòkòtò ẹni kúrò lójú ẹni. Alágbàfọ̀ tó ń gba aṣọ nílé ló yàtọ̀: yóò gbé ẹrù olówó ẹrù lọ, ẹrù náà yóò sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbi tí olówó rẹ̀ kò mọ̀. Lójú tèmi, ìpamọ́ ni iṣẹ́ yìí kó tó di fífọ̀. Àwọn tí mo ti rí tí wọ́n fi í sílẹ̀, kì í ṣe pé aṣọ wọn kò mọ́. Aṣọ ẹni tí wọ́n gbé fún ẹlòmíràn ló bá wọn jà.

Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà oníbàárà ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ọmọkùnrin kan tó dúró sí ẹnu ọ̀nà ìyá kan ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìyá ti so aṣọ sínú báàgì Gánà-mọ́sì-gò, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sì ti wà lọ́wọ́ wọn.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká jọ kà á.”

“Kà á dé ilé ẹ, ọmọ mi. Mo ti pẹ́.”

“Kò ní pẹ́ mà. Tí mo bá dá a kà, tí ó wá ku ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ a di tèmi-tìrẹ mà.”

Yóò tú báàgì náà sórí pèpéle, yóò máa mú wọn níkọ̀ọ̀kan, yóò sì máa kà á sókè. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, bọ́tìnnì kan ti já lára rẹ̀: yóò fi hàn wọ́n, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìró àǹkárá kan, epo pupa wà létí rẹ̀: yóò bèèrè bí epo náà ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Yóò ti ọwọ́ bọ àpò gbogbo lójú wọn. Bírò kan tó bá kù sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì lè ba aṣọ mẹ́wàá jẹ́ nínú bàsíà kan, owó tó bá sì kù sínú àpò ṣòkòtò lè sọ ọmọlúàbí di olè. Bó bá kà á tán, tó jẹ́ méjìlá, yóò kọ ọ́ sínú ìwé, yóò fi fóònù ya gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà nílẹ̀, yóò sì fi àwòrán àti iye náà ránṣẹ́ sí ìyá lórí Wọ́sáàpù kó tó kúrò níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kì í gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lọ. Ìwé àti àwòrán yẹn ni káńtà tirẹ̀.

Ìlànà kejì ni àmì. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lè fi aṣọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan kọ́ sí àyè tirẹ̀. Ẹni tó ń fọ aṣọ ilé márùn-ún lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ kan náà kò ní àyè bẹ́ẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì funfun sì jọra púpọ̀. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ni yóò ní nọ́ńbà tí kì í yí padà. Ká ní ìyá wa yìí jẹ́ 14. Gbogbo aṣọ méjìlá tó kó wá lọ́sẹ̀ yìí ni yóò gba àmì 14/12, ìyẹn ni pé oníbàárà 14 ló ni ín, aṣọ méjìlá ló sì wá. Nọ́ńbà ẹ̀yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ń fò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọgbọ́n inú rẹ̀. Bó bá ń di ẹrù lálẹ́, tó ka mọ́kànlá, ara aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò ti mọ̀ pé ọ̀kan ti sọnù, kò tún ní wá ìwé kiri.

Àkísà funfun pélébé ni kó fi ṣe àmì náà, kó fi bírò tí ọṣẹ kì í pa rẹ́ kọ ọ́, kó sì fi òwú rán ẹsẹ̀ kan mọ́ ihò bọ́tìnnì tàbí léébù inú aṣọ. Kó má fi píìnì pọ́ọ́kú há a. Píìnì ń dógùn-ún nínú omi, ojú ìpata pupa tó bá sì fi sára aṣọ funfun, jíìkì kò lè yọ ọ́, ńṣe ni yóò tún jẹ́ kó wọnú aṣọ sí i. Àwọn alágbàfọ̀ ilẹ̀ Íńdíà tí wọ́n ń pè ní dóbì ti ń fi àmì sí aṣọ tipẹ́. Wọ́n ní igi kan tí omi èso rẹ̀ dúdú bí íńkì, tí kì í ṣí, òun ni wọ́n fi ń kọ àmì olúkúlùkù sínú aṣọ.

Ó kan fífọ̀ wàyí. N kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọ ti ara rẹ̀ kò bẹ̀rù ohun tí alágbàfọ̀ ń bẹ̀rù, ìyẹn aṣọ tó ń ṣí. Ó mọ èyí tó ń ṣí nínú tirẹ̀. Kò mọ ti ẹlòmíràn. Àdìrẹ ẹlẹ́lùú, jíǹsì tuntun àti àǹkárá tí a kò tíì fọ̀ rí ni kó fura sí jù. Bí a ṣe ń dán an wò kò le: a ó yí aṣọ sódì, a ó fi àkísà funfun tó tutù tẹ ojú rírán inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí fún bí ìṣẹ́jú kan. Bí aró bá hàn lára àkísà, bàsíà ọ̀tọ̀ ni yóò gbà, pẹ̀lú omi tútù, a kò sì gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ ló ń da iyọ̀ sí i, wọ́n ní iyọ̀ ń dá aró dúró. Iyọ̀ kì í dá aró aṣọ tí wọ́n ti pa tán dúró. Aró tó lé lórí ló ń ṣàn kúrò, àfi kí a máa fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́.

Bí aṣọ kan bá sì ti ṣí sára òmíràn, iyara ló lè gbà á là. Alágbàfọ̀ tí àyà rẹ̀ já máa ń sá a sóòrùn, pé bóyá kò ní hàn bó bá gbẹ. Yóò hàn, yóò sì tún dúró pinpin, pàápàá bí áyọ́ọ̀nù bá kọjá lórí rẹ̀. Kí ó dá aṣọ tí aró bá padà sínú omi ọṣẹ kíá, kó pààrọ̀ omi náà bó bá ti ń ní àwọ̀, kó má jẹ́ kó gbẹ títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ́.

Ẹ̀gbin méjì ni wọ́n sábà máa ń bá pàdé nínú ẹrù ilé Yorùbá: epo pupa àti ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò fẹ́ omi gbígbóná rárá, torí ooru ń mú un dì sínú òwú bí ẹyin ṣe ń dì nínú ìkòkò. Omi tútù ni kí a fi ṣàn án kí ọṣẹ tó dé e. Ọ̀nà ti epo yàtọ̀. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ ni kí a dà sí ojú epo náà kí omi tó kàn án, kí a fi ìka rà á wọlé, kí a fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a tó fọ̀ ọ́. Òróró rẹ̀ yóò lọ, ṣùgbọ́n àwọ̀ ọsàn fẹ́ẹ́rẹ́ kan lè kù. Kí a má tìtorí rẹ̀ gbé jíìkì. Ohun tó ń fún epo pupa láwọ̀ kò fara da oòrùn: bí a bá sá aṣọ náà síta, tí ojú ibẹ̀ kọ sí oòrùn, yóò máa ṣá lọ fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí a ṣọ́ àǹkárá níbẹ̀ o, kí oòrùn má ba tirẹ̀ lọ pẹ̀lú.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń le jù ni sísá aṣọ. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, òjò ni ọ̀gá ní ìhà ìwọ̀ oòrùn gúúsù, àfi ìwọ̀nba ìsinmi tó máa ń wà nínú oṣù kẹjọ. Aṣọ tó bá wà ní tútù fún ọjọ́ méjì yóò bẹ̀rẹ̀ sí rùn, bí wọ́n tilẹ̀ fi ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ̀ ọ́, nítorí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó kù sínú òwú ń pọ̀ sí i níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà. Oníbàárà á gbé e sí imú, á sì ní wọn kò fọ̀ ọ́ rárá. Ohun tí alágbàfọ̀ tó mọṣẹ́ ń ṣe ni pé ó ń yí àdéhùn rẹ̀ padà: ọjọ́ mẹ́ta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ márùn-ún nígbà òjò, ó sì ti sọ ọ́ kí òjò tó dé. Ẹ̀rọ tó ń fún aṣọ, èyí tí kì í fọ̀, tó kàn ń yí i láti lé omi jáde, wúlò fún un ju ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ. Aṣọ òwú tí a fi ọwọ́ fún ṣì ń mu omi púpọ̀ sára. Èyí tó jáde nínú ẹ̀rọ náà lè gbẹ lábẹ́ òrùlé bí fáànù bá ń fẹ́ sí i, tí a kò sì so wọ́n mọ́ra wọn jù.

Ohun mìíràn wà nípa sísá aṣọ tó yẹ kí oníbàárà náà mọ̀. Eṣinṣin kan wà nílẹ̀ wa tó máa ń yé ẹyin sára aṣọ tó tutù, pàápàá èyí tí wọ́n sá sábẹ́ òjìji tàbí tí wọ́n tẹ́ sórí ilẹ̀ àti koríko. Ẹyin náà á pa, ìdin rẹ̀ tín-ín-tìn-ín á sì gún awọ ẹni tó bá wọ aṣọ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó di eéwo tó ń yún ni, tó ní ojú ihò kékeré kan láàárín, ìdin sì ni ó wà níbẹ̀. Ọmọ ìkókó ló sábà máa ń jìyà rẹ̀, látinú ìlédìí aláṣọ. Ooru áyọ́ọ̀nù ń pa ẹyin àti ìdin náà. Nítorí náà, alágbàfọ̀ tó ní òun lọ ṣẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tí kò lọ síńgílẹ́ẹ̀tì àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ torí pé kò sẹ́ni tí yóò rí i, ibi tó léwu jù gan-an ló fò. Tinú-tòde ni kó lọ̀ ọ́, kó tẹ áyọ́ọ̀nù dáadáa mọ́ ojú rírán àti ìgbànú ṣòkòtò tó nípọn.

Iná mànàmáná tún di ọ̀rọ̀. Áyọ́ọ̀nù oníná máa ń jẹ wáàtì 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní Áì-bẹ́tà-pásì-máì-néébọ̀ kò lè gbé e, torí nǹkan bíi wáàtì 650 ni agbára rẹ̀. Ẹni tó bá fi í dán an wò, jẹnẹrétọ̀ náà ni yóò kọ́kọ́ jóná. Ìdí nìyí tí áyọ́ọ̀nù eléédú kò fi tíì kúrò lọ́wọ́ wọn. Ó dára fún gínì àti òwú tó fẹ́ ooru gidi, àmọ́ kò ní ohun tó ń dín ooru kù. Bí ó bá kan aṣọ pọ́líẹ́sítà láìsí àkísà tútù láàárín, ojú aṣọ náà á máa dán, dídán yẹn kì í sì í lọ mọ́. Léèsì tí wọ́n fi gúlúù lẹ òkúta mọ́, òkúta rẹ̀ á máa já. Kó sì gbọn eérú áyọ́ọ̀nù náà dànù kó tó gbé e dé orí agbádá funfun.

Ẹ jẹ́ ká wá fojú owó wò ó. Àpẹẹrẹ ni iye tí mo fẹ́ lò yìí, kí olúkúlùkù fi ti àdúgbò rẹ̀ sí i. Ká ní alágbàfọ̀ wa ń gbé ní Òjóò, tó ń gba ₦500 lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan, tí oníbàárà kan sì kó aṣọ mẹ́wàá. ₦5,000 nìyẹn. Yóò lọ gbà á, yóò padà: ₦800. Yóò lọ dá a padà, yóò tún bọ̀: ₦800 mìíràn. Ọṣẹ, omi, èédú àti ọ̀rá tí yóò fi dì í, ká pè é ní ₦1,200. Ohun tó kù ni ₦2,200, òógùn ojú rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Bí oníbàárà márùn-ún rẹ̀ bá wà káàkiri, tí ọ̀kan wà ní Bódìjà, tí ọ̀kan wà ní Mọ́kọ́lá, tí ọ̀kan wà ní Àkóbọ̀, tí kálukú sì ń pè é ní ọjọ́ tó wù ú, ₦11,000 péré ni yóò kù lára ₦25,000 tó wọlé, bí owó ọkọ̀ rẹ̀ kò bá tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ká wá sọ pé òpópónà kan ṣoṣo ní Bódìjà ni àwọn márààrún ń gbé, tó sì sọ fún wọn pé ọjọ́ Ajé lọjọ́ yín. Ẹrù ti pọ̀ ju ọ̀kadà lọ, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni yóò gbà, ₦1,500 lọ-bọ̀. Bí ó bá ń gba aṣọ ní ọjọ́ kan, tó ń dá a padà ní ọjọ́ mìíràn, ₦3,000 ni. Bí ó bá lè mú kí gbogbo wọn gbà pé ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni aṣọ ọ̀sẹ̀ yìí yóò padà, nígbà tí yóò bá tún wá gba tuntun, ìrìn kan ti ṣe iṣẹ́ méjì: ₦1,500 péré. Yọ ₦6,000 ọṣẹ àti èédú kúrò nínú ₦25,000, yọ owó ọkọ̀, ó ku ₦17,500. Àwọn oníbàárà márùn-ún yẹn náà ni o, aṣọ àádọ́ta yẹn náà ni, ọṣẹ kan náà. Ìyàtọ̀ ₦6,500 yẹn, ojú ọ̀nà ló wà. Ìdí tí mo fi ń sọ pé kí alágbàfọ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ má ṣe gba oníbàárà kejì ní àdúgbò tuntun nìyí, kó kọ́kọ́ lọ kí aládùúgbò oníbàárà àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní òun kò lè dúró di ọjọ́ Ajé mìíràn, aṣọ rẹ̀ lè yá, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ rẹ̀ ni yóò san.

Àwọn ẹrù kan wà tó yẹ kó kọ̀. Kóòtù àti súùtù tó ní gúlúù láàárín aṣọ méjì ní igbá àyà máa ń wú bí omi bá kàn án. Omi kọ́ ni wọ́n fi ń fọ ìyẹn, ẹni tó ní ẹ̀rọ olóògùn ni kó gbé e lọ bá. Sányán àti ẹtù tí bàbá ẹnìkan jogún, kó dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, torí kò sí iye tó lè fi san án bó bá bàjẹ́. Aṣọ ìgbéyàwó tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ́la, kó jọ̀ọ́ kó yà fún un. Nípa ẹ̀san, kó ti sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì: bí aṣọ bá sọnù lọ́wọ́ òun, ìlọ́po mélòó owó fífọ̀ rẹ̀ lòun yóò san, àti ọjọ́ mélòó ni oníbàárà ní láti sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tó bá gba ẹrù. Ìjà tó ń wáyé lórí aṣọ kì í sábà jẹ́ lórí aṣọ tó sọnù gan-an, bí kò ṣe lórí iye tí oníkálukú ní lọ́kàn láìsọ ọ́ jáde.

Dídá ẹrù padà ló kù, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọn yóò tún kà á, lójú ẹni tó ni ín. Ní ẹ́sítéètì, mẹ́gáàdì ni yóò na ọwọ́: “Gbé e sílẹ̀ níbí, mádáàmù kò sí nílé.” Bí ó bá gbé e sílẹ̀, ilé kejì lè ṣèèṣì gbé e, tàbí kí òjò pa á lábẹ́ búkà mẹ́gáàdì, oníbàárà yóò sì ní alágbàfọ̀ lòun gbé aṣọ fún. Kó pe mádáàmù lórí fóònù kó tó kúrò ní Òjóò, kó bi wọ́n ta ni yóò kà á lórúkọ wọn. Bí kò bá sí ẹnì kankan, kó gbé ẹrù náà padà, kó sì kọ owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kejì mọ́ rìsíìtì.